Ẹni Tó Fẹ́ Sùn àti Ọba Tí Òògbé Kì Í Ta

Àsàlámù àlékúmù, ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhamádù, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, bí mo ti ń ka Áyátùl Kúrísíyù pẹ̀lú ọmọbìnrin mi lórí ibùsùn rẹ̀, ó dá mi dúró láàárín, ó ní, "Bàbá mi, kí ni sínátù?" Ojú rẹ̀ ti ń pa dé díẹ̀díẹ̀ nígbà yẹn. Mo ní, "Ohun tó ń ṣe ọ́ báyìí gan-an ni." Ìbéèrè rẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe wáàsí Jímọ̀ òní, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ áyà náà sórí láti kékeré, a kò sì tíì bi ara wa léèrè ohun tí à ń sọ.

Áyà 255 nínú Súrà Bákárà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Allāhu, Alààyè, Alámòójútó ẹ̀dá, ó sì tẹ̀ lé e pé sínátù kì í mú Un, náómù kì í sì í mú Un. Òògbé ni sínátù, ìyẹn ni pé kí ojú wúwo kí orí sì máa já, ṣùgbọ́n kí ènìyàn ṣì máa gbọ́ ohùn àwọn tó yí i ká. Oorun gan-an ni náómù, èyí tó ń gba gbígbọ́ àti rírí lọ́wọ́ ènìyàn pátápátá. A dárúkọ òògbé ṣáájú nítorí òun ló ń kọ́kọ́ dé bá ẹ̀dá. Ẹ wo ẹni tó ń kà á: òògbé ti mú òun fúnra rẹ̀, kò ní pẹ́ tí kò ní mọ ẹni tó wọlé tàbí ẹni tó jáde, ó sì ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé Ọba tí méjèèjì kò lè mú lọ́wọ́.

Ìparí áyà náà tún sọ pé Kúrísíyù Rẹ̀ gbààyè ju sánmọ̀ àti ilẹ̀ lọ, àti pé ṣíṣọ́ méjèèjì kò ni Í lára. Ọ̀rọ̀ ìṣọ́ tí a ń wá wà nínú áyà náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ṣíṣọ́ sánmọ̀ kò ni lára, kí ni yàrá kan àti ibùsùn kan máa jẹ́ fún Un?

Inú hádíìsì tí Bùkárì gbà wá ni a ti mọ̀ pé ìgbà sísùn ni kí á máa kà á. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fi Abú Huráírà ṣọ́ sàká Rámádánì. Ẹnì kan wá lóru, ó ń bu oúnjẹ. Abú Huráírà mú un, ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé pé aláìní ni òun, òun sì ní ẹbí, ni àánú rẹ̀ bá ṣe é, ó fi í sílẹ̀. Ànábì sọ fún un láàárọ̀ pé irọ́ ló pa, yóò sì padà wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní alẹ́ kejì. Ní alẹ́ kẹta, ọlọ́ṣà náà ní kí ó tú òun sílẹ̀, òun yóò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí yóò ṣe é láǹfààní: bí o bá ti lọ sórí ibùsùn rẹ, ka Áyátùl Kúrísíyù títí dé òpin, olùṣọ́ kan láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́hun kò ní kúrò lọ́dọ̀ rẹ, Ṣàítánì kò sì ní sún mọ́ ọ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ànábì ní, "Ó sọ òdodo fún ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òpùrọ́ ni," ó sì sọ fún un pé Ṣàítánì ni ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti òru mẹ́ta.

Ẹ kíyè sí i pé kíkà ni wọ́n kọ́ Abú Huráírà. Wọn kò ní kí ó kọ ọ́ sí ìwé kí ó fi sábẹ́ ìrọ̀rí, wọ́n sì sọ pé títí dé òpin. Ó dùn mí púpọ̀ pé àwọn kan ń sáré kà á débi pé ìparí, níbi tí ọ̀rọ̀ ìṣọ́ wà, ló ń di kíkùn lẹ́nu wọn. Àṣìṣe tèmi ni pé mo máa ń kà á tán, n ó tún gbé fóònù, n ó sì máa wò ó títí oorun yóò fi gbé mi lọ. Ní báyìí, mo ń gbé fóònù náà jìnnà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Kúlúhúwà, Fálákì àti Náásì. Ìyá wa Àíṣà sọ pé ní alaalẹ́ ni Ànábì máa ń pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, tí yóò fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí i, tí yóò ka súrà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, tí yóò sì fi pa ara rẹ̀ débi tí ọwọ́ bá dé, láti orí àti ojú wá sí iwájú ara, ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Àárẹ̀ kò dá a dúró: nígbà tí ó ń ṣàìsàn, Àíṣà ló ń kà á fún un, tí ó sì ń fi ọwọ́ Ànábì fúnra rẹ̀ pa á lára, nítorí ìbùkún tó wà lára ọwọ́ náà.