Ta ló bá ta wí? Bí ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń di ọ̀rọ̀-orúkọ nínú pọ́rójẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú ìjókòó o. Gbólóhùn kan péré la máa tú palẹ̀ lónìí, ẹ wò ó lójú síkírìnì: "Ìbáwí àwọn olùkọ́ ló fa ìdínkù wíwá sí iléèwé." Èmi ni mo kọ ọ́ fún àpẹẹrẹ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti ka pọ́rójẹ́ẹ̀tì yunifásítì rí, ẹ mọ̀ pé irú ẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ó dùn-ún gbọ́ létí. Ó dáa, ta ló bá ta wí?

Ṣé olùkọ́ ló ń bá ọmọ wí ni, àbí ọ̀gá iléèwé ló ń bá olùkọ́ wí? Méjèèjì ló wà nínú ẹ̀. Wíwá ńkọ́, ta ni ò wá mọ́? Ẹ wò ó, "bá wí" àti "wá", ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wọ́n ròyìn nǹkan ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni tó ṣe é, ẹ sì lè fi "ń" tàbí "ti" hàn bóyá ó ń lọ lọ́wọ́ ni àbí ó ti parí, àmọ́ gbàrà tẹ́ ẹ bá ti fi "ì" síwájú ẹ̀, tàbí tí "wá" di "wíwá", ó ti di ọ̀rọ̀-orúkọ nìyẹn, olùṣe á rọra yọ́ lọ, "ń" àti "ti" á sì tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ ká dá a padà: "Nígbà tí àwọn olùkọ́ ń na ọmọ tó bá pẹ́ dé, ọ̀pọ̀ ọmọ ò wá síléèwé mọ́." Báyìí èèyàn lè bi yín pé ọmọ mélòó, kíláàsì wo. Ibi tó ń dùn mí nìyí, torí nígbà míì ẹni tó kọ ọ́ á fẹ́ dá a padà, á wá rí i pé òun ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rárá.

Àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ kó gbogbo ẹ̀ dànù o. Tẹ́ ẹ bá ti sọ ẹni tó na ọmọ tán, gbólóhùn tó kàn lè bẹ̀rẹ̀ báyìí pé "Nínà yìí pọ̀ jù lọ́jọ́ Mọ́ńdè", kò sídìí láti tún gbogbo ìtàn yẹn rò. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ìpajẹ" nínú gírámà: ẹ kọ́kọ́ fi hàn wá pé "ra ẹja" di "rẹja", pé fáwẹ́lì kan ti lọ, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ibi tó ti bàjẹ́, ẹ wá "ṣe" àti "wáyé" kiri nínú iṣẹ́ yín. "Mo ṣe àgbéyẹ̀wò rẹ̀", mo yẹ̀ ẹ́ wò ni. "Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wáyé" ló burú jù, ẹ wo "ni" tó wà láàárín ẹ̀ yẹn, ẹnikẹ́ni ni, kò sẹ́ni tá a mọ̀. Ẹ kúkú kọ ọ́ pé: "Mo fọ̀rọ̀ wá òbí méjìlá lẹ́nu wò."