"Ẹ Ràn Mí Lọ́wọ́ Lórí Èyí": Ìbéèrè Tí Olùsìn Ẹja Kò Kọ

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe ní Ìkòròdú fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń dáhùn ìpè àwọn olùsìn ẹja. Mo tún un kọ fún ẹni tí kò sí níjókòó lọ́jọ́ náà.)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni mo fẹ́ ká jọ wò. Agogo mẹ́fà ìdájí ti kọjá díẹ̀ nígbà tó wọlé sórí Wásáàpù mi, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tó ń sin ẹja àrọ̀ lápá Odóńgunyàn. Fótò kan ló wà níbẹ̀, àti gbólóhùn kan: "Ẹ ràn mí lọ́wọ́ lórí èyí." Kò kí mi, bẹ́ẹ̀ ìyá yìí kì í gbàgbé ìkíni. Ìyẹn nìkan ti tó láti fi hàn pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

Kí n tó sọ ohun tí mo fi dá a lóhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá wọlé, ìbéèrè mọ́kànlá ni mo máa ń fi ránṣẹ́ padà: ẹja mélòó, ọmọ oṣù mélòó, irú oúnjẹ wo, omi kànga tàbí bọ́họ́òlù, títí lọ. Mo rò pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Àmọ́ ẹni tí ẹja rẹ̀ ń kú lójú rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi, kò lè jókòó máa kọ ìdáhùn mọ́kànlá. Ọkùnrin kan dákẹ́ fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí mo bi í báyẹn. Ó ti lọ ra oògùn lọ́jà, ó sì ti dà á sínú omi. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé èmi ni mo fi í sílẹ̀ láìní ẹni tó dá a lóhùn.

Torí náà, nígbà tí ti ìyá yìí dé, fótò náà ni mo kọ́kọ́ bi ní ìbéèrè. Pọ́ọ̀ǹdù tapólíìnì ni. Àwọn ẹja na ara wọn ró bí ẹni dúró, gbogbo ẹnu wọn wà lójú omi. Ẹja àrọ̀ a máa gòkè wá mí, torí yàtọ̀ sí ẹ̀yà ara tó fi ń mí nínú omi, ó ní òmíràn lókè rẹ̀ tó fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè. Bí ọ̀kan bá gòkè, tó gbé afẹ́fẹ́ mì, tó sì padà sísàlẹ̀, kò sí ewu. Ohun tó ń kó ìdààmú bá mi ni kí gbogbo wọn dúró síbẹ̀ láìpadà. Omi náà ṣú bíi tíì, ìfófò wà létí rẹ̀, oúnjẹ àná sì ṣì léfòó. Ẹja tí ara rẹ̀ yá kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nígbà náà ni mo wo igun fótò lápá òsì. Àtàǹpàkò ìyá náà wà níbẹ̀, pálí oògùn funfun kan sì wà láàárín ìka rẹ̀. Wọn ò tíì ya ẹnu rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyẹn. Ìyá yìí kò béèrè ohun tó ń pa ẹja òun. Ohun tó ń béèrè ni pé: "Ṣé kí n da èyí sínú omi báyìí?" Ẹni tó bá kọ "ẹ ràn mí lọ́wọ́" sábà máa ń wà lẹ́nu ìgbésẹ̀ kan. Ó ti rí nǹkan, ó ti ro nǹkan, ọwọ́ rẹ̀ sì ti fẹ́ ṣe nǹkan. Ìbéèrè rẹ̀ wà nínú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe yẹn. Bí ẹ kò bá rí i nínú fótò, ẹ béèrè rẹ̀: "Kí lẹ fẹ́ ṣe báyìí?"

Ìdáhùn mi rèé, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an:

"Mà, ẹ kú ìdààmú. Mo rí oògùn lọ́wọ́ yín. Bóyá ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ ni bóyá kí ẹ dà á. Ẹ má tíì dà á o. Ẹ má fún wọn lóúnjẹ lónìí. Ẹ fa omi jáde láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi ku ìdajì, kí ẹ wá da tuntun sí i, kó máa já láti òkè. Ìbéèrè kan péré: ọjọ́ wo lẹ pààrọ̀ omi kẹ́yìn? Bí kì í bá ṣe ohun tí ẹ ń béèrè nìyẹn, ẹ sọ fún mi."

Ẹ wo bó ṣe rí. Mo kọ ìbéèrè rẹ̀ fún un, kó lè rí i, kó sì tún un ṣe bí mo bá ṣì í gbọ́. Mo fún un ní iṣẹ́ tó dára, yálà omi ló bàjẹ́ tàbí àrùn ni: kò sí aláìsàn ẹja tí omi mímọ́ àti ebi ọjọ́ kan máa pa. Omi bọ́họ́òlù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú ilẹ̀ kì í ní ọ́síjìn tó, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó máa já láti òkè. Mo ní ìdajì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, kí ìyípadà òjijì má bàa gbo ẹja tó ti rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá béèrè ohun kan ṣoṣo tí ìdáhùn rẹ̀ lè yí ọ̀rọ̀ mi padà.

Ó dá mi lóhùn kíá: "Ọjọ́ kẹsàn-án rèé sà, ẹ̀rọ tó ń fa omi bàjẹ́." Ó tán. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà ti di amóníà nínú omi tí kò kúrò lójú kan. Afẹ́fẹ́ òkè tí ẹja àrọ̀ ń mí lè gbà á lọ́wọ́ àìtó ọ́síjìn, ṣùgbọ́n kò lè gbà á lọ́wọ́ amóníà tó ń jó ẹ̀yà ara tó fi ń mí nínú omi. Oògùn tó wà lọ́wọ́ ìyá náà kò lè mú amóníà kúrò. Kódà ó lè pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ìdọ̀tí inú omi, kó tún wà nínú ẹran ẹja tó fẹ́ tà. Ìbéèrè náà wá yí padà lójú wa méjèèjì: níbo ni yóò ti rí omi? Aládùúgbò rẹ̀ ní bọ́họ́òlù, wọ́n na ọ̀pá rọ́bà kọjá ògiri. Ẹja mẹ́tàlá ló kú nínú 500. Ìyókù bẹ̀rẹ̀ sí í padà sísàlẹ̀ kí oòrùn tó gbóná.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni mo ń mọ̀ ọ́n. Bàbá kan fi fótò ẹja tó ní egbò lára ránṣẹ́, pẹ̀lú gbólóhùn kan náà. Mo kọ ìtọ́jú egbò fún un, ó gùn dáadáa. Ó fèsì pé, "Ẹ ṣeun sà," ó tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́ra fún. "Ẹ ṣeun" tí kò ní ìbéèrè lẹ́yìn, tí kò sì sọ ohun tí ó fẹ́ ṣe, sábà máa ń sọ pé ìdáhùn yín kò bá ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mu. Mo pè é lórí fóònù. Oníbàárà ti wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ó tọ́ kí òun tà á. Ìgbà tí mo wá béèrè bóyá ó ti lo oògùn kankan, ó ní òun ti lò ó lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Mo ní kó wo ẹ̀yìn pálí, níbi tí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dúró kó tó tà á. Ọjọ́ náà kò tíì pé, ó sì ní kí oníbàárà náà padà wá.

Arábìnrin kan béèrè níjókòó lọ́jọ́ náà pé, bí fótò bá ṣókùnkùn ńkọ́, tí kò sí ohun tí èèyàn lè rí? Mo ní kó má ṣe béèrè fótò míì. Kó ní kí olùsìn náà ya fídíò ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, kó kọjú fóònù sí ojú omi, kó má sọ̀rọ̀ rárá. Fótò kò lè sọ bóyá ẹja tó gòkè padà sísàlẹ̀. Fídíò á sọ ọ́, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ tún rí ohun tó dì mọ́wọ́.