Ibi tí dúdú yẹn ti dúró lórí pépà tẹ́sìtì ojú

Okun o, gbogbo ilé. Iṣẹ́ ojú ni mo ń ṣe níbí ní Kàbà, èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ tó ń dán ojú wò, èyí tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé àgbọ̀n lé e, kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ iná kan láàárín, kẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnì bí iná kékeré bá ti tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọmọkùnrin kan fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo pépà bàbá mi, ó ti dúdú ju, ṣé gulókómà ni?" Mo wò ó, fọ́tòkọ́pì ni, gbogbo ibi tó yẹ kó jẹ́ àwọ̀ eérú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní kó gbé ojúlówó ẹ̀ wá, kó sì mú bàbá dání.

Bàbá wá láti Ìyàrá, ẹni ọdún 63, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn. Pépà wọn ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé lónìí, wọ́n ti gbà pé kí n lò ó, mo kàn gé orúkọ kúrò ni.

Àwòrán eérú tó wà lókè yìí ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wò, ẹ ò jẹ̀bi, òun ló hàn jù. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó wà níbẹ̀ gan-an. Ní tẹ́sìtì tí wọ́n ń pè ní 24-2 yìí, ojú kọ̀ọ̀kan ní ibi 54 tí ẹ̀rọ ti tan iná wò. Àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán yẹn ni ohun tó rí níbẹ̀, ìwọ̀n wọn ń jẹ́ dẹ̀síbẹ̀lì: nọ́ńbà ńlá túmọ̀ sí pé ojú rí iná tí ò mọ́lẹ̀ púpọ̀, nọ́ńbà kékeré túmọ̀ sí pé iná ní láti mọ́lẹ̀ gan-an kó tó rí i. Ẹ̀rọ wá fi ọ̀dà kun àárín àwọn ibi 54 yẹn, ó ń fojú bu bó ṣe máa rí láàárín wọn. Nítorí náà púpọ̀ nínú dúdú tẹ́ ẹ ń rí, ẹnikẹ́ni ò tan iná síbẹ̀ rí.

Ó dáa, ojú ọ̀tún bàbá rèé. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí aláìsàn fúnra ẹ̀ ṣe ń ríran, òkè pépà ni òkè ayé. Àmì dúdú kékeré tó wà lápá ọ̀tún, tó rọra wà nísàlẹ̀ ìlà ìbú, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀, gbogbo wa la ní in, ibẹ̀ ni iṣan ojú ti ń jáde lọ sí ọpọlọ, ojú ò sì ríran níbẹ̀. Ó tún wúlò, torí ọwọ́ etí ló máa ń wà, tẹ́ ẹ bá ti rí i lọ́tùn-ún ẹ mọ̀ pé ojú ọ̀tún lẹ ń wò, apá òsì pépà á wá jẹ́ ọwọ́ imú.

Nígbà àkọ́kọ́, òkè ojú méjèèjì ló dúdú, láti etí dé etí, bí ẹni fa kọ́tìnnì wálẹ̀. Mo wo ojú bàbá, ìpéǹpéjú wọn ti wálẹ̀ bí ti àgbà, ó ń bo iná òkè mọ́ wọn lójú. Mo fi pílásítà fẹ́lẹ́ gbé e sókè, mo ní kí wọ́n sinmi, mo tún un ṣe. Kọ́tìnnì tó wà lójú òsì lọ pátápátá. Ẹ ríi, ọmọ yẹn ò tíì sùn láti ọjọ́ tó gba pépà, nítorí ìpéǹpéjú.

Ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún, ibì kan kọ̀, kò lọ. Ẹ bá mi tẹ̀lé ìka mi. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá àmì dúdú àdámọ́ni yẹn, ó gba òkè àárín kọjá bí ọrun tí wọ́n tẹ̀, ó ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sọ́wọ́ imú, ó wá dé ìlà ìbú, ó dúró gbọn-in, bí ìgbà tí èèyàn fi rúlà gé e. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ imú: lókè ìlà, 6 àti 9, nísàlẹ̀ ìlà gan-an, ní ìdojúkọ wọn, 26 àti 28. Ibi tó dúró yẹn ló jẹ́ kí n fọwọ́ mú ẹnu, kì í ṣe bó ṣe dúdú tó.

Kí ló dé tó fi dúró síbẹ̀? Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìran lọ sínú iṣan ojú, ti òkè ń gba òkè, ti ìsàlẹ̀ ń gba ìsàlẹ̀, wọ́n ń yí po àárín ojú bí ọ̀nà tó yí òkè po, wọn kì í sì í ré ìlà ìbú kọjá. Gulókómà ń pa wọ́n níbi tí wọ́n ti ń wọnú iṣan, ìyẹn ni ìdì kan fi ń bàjẹ́ tí èkejì ò fara pa. Ìpéǹpéjú ò mọ ìlà ìbú. Kàtarákìtì náà ò mọ̀ ọ́n, tiẹ̀ ni kí gbogbo àwòrán kàn ṣú bí ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́. Tó bá wá jẹ́ ìlà òòró ni dúdú dúró sí, tó sì rí bẹ́ẹ̀ lójú méjèèjì, ọpọlọ ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò.

Kí n tó gbà á gbọ́, mo wo apá òkè pépà. Fixation Losses 1/14, ìyẹn ni pé bàbá ò wò kiri. False POS Errors 3%, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ tẹ bọ́tìnì nígbà tí iná ò tàn. Tí ìkejì yìí bá kọjá 15%, ẹ ṣọ́ra, ẹni tó ń tẹ bọ́tìnì bí ẹni ń lu agogo lè jẹ́ kí àwòrán funfun gbòò, kó bo àrùn mọ́lẹ̀. Mo wá lọ sí Pattern Deviation, àwòrán alámì tó wà nísàlẹ̀ pépà, torí òun ń fi ojú yìí wé ti àwọn ọjọ́ orí bàbá, ó sì ń yọ ṣíṣú kàtarákìtì kúrò, nǹkan tí àwòrán eérú ò lè ṣe. Àmì mẹ́ta tó fara kanra, tí wọn ò sí létí pátápátá, tí gbogbo wọn wà lábẹ́ 5%, ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tójú wọn dá, kò tó márùn-ún tí nọ́ńbà wọn máa rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, tí ọ̀kan ó kéré tán wà lábẹ́ 1%, la máa ń wá. Bàbá ní méje, gbogbo ẹ̀ lókè, tí mẹ́rin jẹ́ dúdú kirikiri. GHT náà, tó ń fi òkè wé ìsàlẹ̀, kọ Outside Normal Limits, ìyẹn ni pé ìyàtọ̀ wọn ti kọjá bó ṣe yẹ.

Pépà nìkan ò tó o. Ojú máa ń dorí àwòrán kodò, nítorí náà òkè tó dúdú lórí pépà, ìsàlẹ̀ iṣan ojú ló yẹ kó ti bàjẹ́, àwòrán funfun ò sì ní kí iṣan má ti máa kú díẹ̀díẹ̀. Mo kọ ọ́ sí dókítà pé kí ó wo ìsàlẹ̀ iṣan ojú ọ̀tún dáadáa. Ó wò ó, etí iṣan ti tín-ín-rín níbẹ̀ gan-an, ó fún bàbá ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú lálaalẹ́.

Bàbá ní àwọn ò mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe ojú àwọn, pé àwọn ń ka Bíbélì geere. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ bo ojú òsì, kí wọ́n wo imú mi. Ẹ̀gbọ́n kan dúró lápá òsì wọn, ó ń ju ọwọ́ lókè. "Ta ló ń ju ọwọ́?" ni wọ́n bi mí, ìgbà tí mo sọ fún un pé kó sọ ọwọ́ kalẹ̀ díẹ̀.