Bí Ẹ Bá Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀, Ta Ló Ni Kọmíṣọ̀n Tó Kù?

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn olùtajà kan ní Alágbàká, níbí l'Ákùrẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ń wá oníbàárà kiri fún ilé iṣẹ́, láti Ìdànrè dé Ìkàrẹ́, tí owó oṣù wọn kò tó nǹkan, tó jẹ́ pé kọmíṣọ̀n ni wọ́n fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí gbólóhùn kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń wá bá mi ní ọ́fíìsì: "Wọ́n ní mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀, kò sí nǹkan kan fún mi mọ́." Àwọn ọ̀gá máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé inú ìwé òfin ni wọ́n ti kà á, òṣìṣẹ́ á sì gbà, á gba ilé lọ. Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó sọ pé ẹni tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ ti pàdánù owó tó ti ṣiṣẹ́ fún. Ìbéèrè tó yẹ kí a máa bi ara wa ni pé: kí ni àdéhùn ní ó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí owó yìí tó di tèmi, ṣé ó sì ti ṣẹlẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí mo fi àwọn ọ̀ràn tí mo ti rí hun pọ̀. Obìnrin kan ń ta sólà àti ínfátà fún ilé iṣẹ́ kan l'Ákùrẹ́. Ó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sọ pé yóò máa gba náírà mẹ́ta lórí ọgọ́rùn-ún náírà kọ̀ọ̀kan nínú owó ọjà tó bá tà, "nígbà tí oníbàárà bá san owó." Ó ta iṣẹ́ ₦6,000,000 fún ilé ìwé kan l'Ọ́wọ̀, wọ́n sì ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn yóò fi san án, ₦2,000,000 lẹ́ẹ̀kan. Ti àkọ́kọ́ wọlé ní oṣù kẹjọ, wọ́n sì fún un ní ₦60,000 tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, ó fi lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ lé ọ̀gá lọ́wọ́, pẹ̀lú ìkìlọ̀ oṣù kan gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ilé ìwé san owó ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá. Òun lọ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà. Owó ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá. Owó oṣù nìkan ni wọ́n san fún un, wọ́n ní kọmíṣọ̀n ti bá iṣẹ́ lọ.

Ti ogúnjọ́ oṣù kẹwàá kò ní àríyànjiyàn nínú rárá. Òṣìṣẹ́ tó ti fúnni ní ìkìlọ̀ ṣì jẹ́ òṣìṣẹ́ títí ìkìlọ̀ yóò fi pé. Oníbàárà ti sanwó nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, nítorí náà ₦60,000 yẹn ti di gbèsè. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní ìpín 91, ka owó iṣẹ́ sí gbogbo èrè tó ṣeé fi owó sọ, ohunkóhun tí wọ́n ìbáà máa pè é, bí àdéhùn bá ti fi lélẹ̀. Ìpín 11 sì ní kí wọ́n san owó iṣẹ́ kí ìkìlọ̀ tó parí. Òfin náà yọ àwọn alákòóso, àwọn amọṣẹ́dunjú àti àwọn olùtajà tó ń ṣiṣẹ́ kiri níta ọgbà ilé iṣẹ́ sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bò, àdéhùn tirẹ̀ náà ṣì ń bẹ, gbèsè sì ni gbèsè í jẹ́.

Ti oṣù kejìlá ni ó gba kí a fara balẹ̀. Ilé iṣẹ́ yóò ní kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ nígbà tí owó wọlé. Èmi yóò ní kí wọ́n padà ka lẹ́tà náà. "Nígbà tí oníbàárà bá san owó" ń sọ ìgbà tí wọn yóò san kọmíṣọ̀n. Kò sọ pé olùtajà gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú ọgbà lọ́jọ́ náà. Òun ló wá oníbàárà, òun ló dúnàádúrà, òun ló tọwọ́ oníbàárà bọ ìwé. Ohun tó kù, ilé ìwé ni yóò ṣe é. Ó dà bí alágbàro tó ti ro oko kòkó tán pátá: bí olóko kò bá tíì rí owó kòkó gbà lọ́wọ́ oníṣòwò, ìyẹn kò sọ pé aroko kò roko.

Ṣùgbọ́n bí lẹ́tà rẹ̀ bá fi kún un pé iṣẹ́ olùtajà ni láti máa lépa gbèsè títí owó yóò fi pé, ọwọ́ wa rọ̀ díẹ̀, nítorí apá kan lára ohun tí wọ́n fi kọmíṣọ̀n rà ni ẹlòmíràn wá ṣe. Bí ó bá sì kọ ọ́ ní kedere pé "a kì í san kọmíṣọ̀n fún ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ ìsanwó," a wà nínú wàhálà. Olùtajà kan tó ń jẹ́ Sweeney gbé irú ẹjọ́ yìí lọ sílé ẹjọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòdì sí ilé iṣẹ́ Peninsula. Ó ní òun kò kà á dáadáa kí òun tó fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó bá fọwọ́ sí ìwé ti gba ohun tó wà nínú rẹ̀, ó sì pàdánù. Kì í ṣe òfin tiwa, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ wa máa ń wo irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀, bí àwọn náà sì ṣe ń ka àdéhùn nìyẹn.

Òtẹ́ẹ̀lì kan tún wà l'Ókìtìpupa tí obìnrin yìí ti lọ bá lẹ́ẹ̀mẹrin. Oṣù kọkànlá ni wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, lọ́dọ̀ ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó dun ún jù gbogbo ìyókù lọ, ṣùgbọ́n mo sọ òtítọ́ fún un: lẹ́tà rẹ̀ sọ̀rọ̀ ọjà tí ó bá tà, òun kò sì ta èyí. Àyàfi tí àdéhùn bá ń sanwó fún mímú oníbàárà wá.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sórí bónọ́ọ̀sì, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ti rò pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti tó láti dáàbò bo àwọn: "bí ó bá wu ilé iṣẹ́." Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ gíga nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ẹjọ́ Clark àti ilé ìdókòwò Nomura. Ìwé Clark ní bónọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ ìfẹ́ ilé iṣẹ́, pé kò dájú lọ́nàkọnà, pé bí ẹni náà bá ṣe ṣiṣẹ́ sí ni yóò tẹ̀ lé, àti pé ó gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ ìsanwó. Clark ti pa èrè tó lé ní mílíọ̀nù 22 pọ́un fún wọn. Wọ́n lé e, wọ́n fún un ní ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta, bónọ́ọ̀sì sì di òfo. Adájọ́ ní àyè tí ilé iṣẹ́ fún ara rẹ̀ ní ààlà: níwọ̀n ìgbà tí ìwé ti ní iṣẹ́ ẹni ni a ó wò, a kò lè wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí a sọ pé òfo ni ó tọ́ sí i, kò sí ọ̀gá kan tó ń ronú dáadáa tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dá £1,350,000 fún un. Ẹ tún kíyè sí i pé ìkìlọ̀ rẹ̀ kò tíì parí lọ́jọ́ ìsanwó, nítorí náà ó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn ló gbà á là.

Ọ̀nà kejì tí ìfẹ́ ọ̀gá fi ń di gbèsè ni ìlérí tó ṣe kedere. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2008, olórí ilé ìfowópamọ́ Dresdner Kleinwort kéde fún òṣìṣẹ́ pé ó kéré tán, mílíọ̀nù 400 yúrò ni àwọn ti yà sọ́tọ̀ fún bónọ́ọ̀sì, kí wọ́n má baà sá lọ. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ́ gé e wálẹ̀ ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rùn-ún pẹjọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì dá wọn láre ní 2013. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìkéde yẹn, ó sì mú wọn.

Ẹ padà sọ́dọ̀ obìnrin wa. Ní oṣù kìíní, ọ̀gá fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp pé ẹnikẹ́ni tó bá ta ₦30,000,000 láàárín ọdún yóò gba owó oṣù kan lé e. Ọdún méjì ṣíwájú, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe. Ó dé orí ₦30,000,000 ní oṣù kẹsàn-án. Nígbà tí àmì wà, tí iye wà, tí ó sì ti dé ibẹ̀, "bí ó bá wù wá" kò dúró ṣinṣin mọ́. Síbẹ̀, mo ka ẹ̀tọ́ yìí sí aláìlágbára ju ti kọmíṣọ̀n lọ, nítorí ọjọ́ ogún oṣù kejìlá ni wọ́n máa ń pín in, òun sì ti lọ. Bí lẹ́tà bá ní kí ènìyàn wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ti bọ́. Ká ní ó ti fara balẹ̀, kí ó fi lẹ́tà sílẹ̀ ní ìparí oṣù kọkànlá, ogúnjọ́ ìbá bọ́ sínú ìkìlọ̀ rẹ̀.

Mo tún rí fọ́ọ̀mù kílíráǹsì tó fọwọ́ sí. Ojú ewé kan ni: kọ́kọ́rọ́, káàdì ìdánimọ̀, láàpútọ́ọ̀pù. Nísàlẹ̀ pátá, nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé òun ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ òun, òun kò sì ní béèrè nǹkan kan mọ́. Kò rí i. Ìlà yẹn lè gba gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òwúrọ̀. Ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà, ṣùgbọ́n kí ẹ tó fọwọ́ sí i, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà pé "àyàfi kọmíṣọ̀n tó kù," kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀.

Bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀ láti san, Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ ti Àpapọ̀ ní ẹ̀ka l'Ákùrẹ́ níbí. Ohun méjì ni wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń béèrè owó: ìwé wo ló fún ọ ní ẹ̀tọ́ yìí, báwo lo sì ṣe ṣírò rẹ̀ tó fi jẹ́ iye yìí. Nítorí náà, kí ẹ tó lọ, ẹ gba àwọn ìwé kọmíṣọ̀n yín, ẹ kọ nọ́ńbà ìwé ọjà àti ọjọ́ tí owó wọlé. Ẹ má ṣe kó nọ́ńbà fóònù àwọn oníbàárà lọ. Ìyẹn lè di ẹjọ́ sí yín lọ́rùn.

Arákùnrin kan tó ń ta alùpùpù béèrè bóyá ilé ẹjọ́ yóò gba ọ̀rọ̀ WhatsApp wọlé. Mo ní yóò gbà á, bí a bá tẹ̀lé ìpín 84 Òfin Ẹ̀rí ti 2011, tó ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ó ní ọ̀gá ti yọ òun kúrò nínú ẹgbẹ́ náà. Mo ní ohun tó ti wọ fóònù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, kó má ṣe pa á rẹ́, kó má sì ta fóònù náà títí ẹjọ́ yóò fi parí.