Iná la kọ́kọ́ ń tún ṣe, kó tó kan awọ ara

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí àṣìṣe tèmi. Mo kó 240 fọ́tò òde kan sínú Lightroom Classic, mo tẹ púrísẹ́ẹ̀tì kan mọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, mo ní iṣẹ́ ti tán, àfi ìgbà tí mo rí ọkùnrin kan náà nínú fọ́tò méjì: níta, ara ẹ̀ ń dán dáadáa, nínú gbọ̀ngàn, ó pọ́n bí ẹni tó fi osùn kunra.

Kí ló fà á? Ìgbà tí mò ń ṣe púrísẹ́ẹ̀tì yẹn, mo máàkì White Balance àti Exposure mọ́ ọn. Inú oòrùn ni fọ́tò tí mo fi ṣe é wà, Temp ẹ̀ jẹ́ 5500, ló bá lọ gbé 5500 yẹn lé fọ́tò abẹ́ gúlóòbù tó yẹ kó wà ní bíi 3200. Ẹ yọ méjèèjì kúrò o! Profile, Tone Curve àtàwọn àwọ̀ inú HSL nìkan ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Mo wá pín fọ́tò náà sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, iná ni mo fi pín in: 90 níta, 70 tí mo fi fíláàṣì yà, 60 abẹ́ gúlóòbù, 20 orí pèpéle. Ẹ má ní torí pé gbọ̀ngàn kan náà ni kẹ́ ẹ da ti fíláàṣì pọ̀ mọ́ ti gúlóòbù. Nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mo mú fọ́tò kan, mo tẹ W, mo kílíìkì ibi tó jẹ́ àwọ̀ eérú gan-an (aṣọ funfun máa ń tanni jẹ, ọṣẹ ìfọṣọ máa ń jẹ́ kó fa sí búlúù), lẹ́yìn náà mo sẹ́lẹ́ẹ̀tì ìyókù, mo tẹ Sync, White Balance nìkan ni mo máàkì. Ẹ̀yìn èyí ni púrísẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Exposure, ojú ni mo fi ń tún un ṣe, lọ́kọ̀ọ̀kan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti bára mu? Ẹ mú fọ́tò ẹnì kan náà látinú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ N kí wọ́n tò síbi kan. Tí ẹ bá padà sí Develop, ẹ gbé máòsì sí iwájú orí ẹ̀, kẹ́ ẹ wo nọ́ńbà abẹ́ Histogram: R ló yẹ kó ga jù, kí G tẹ̀ lé e, kí B wà nísàlẹ̀. Tí B bá ti ń lé G bá, awọ ti ń di eérú nìyẹn. Ohun tó sì máa ń sọ awọ dúdú di eérú jù lójú tèmi ni Luminance Orange táwọn èèyàn ń gbé sókè nínú púrísẹ́ẹ̀tì kí ojú lè mọ́ọ́lẹ̀. Èmi kì í kọjá 5.

Ti 20 orí pèpéle ńkọ́? Iná elésè àlùkò ló bo ojú wọn, àwọ̀ tí kò sí nínú iná yẹn kò sí nínú fọ́tò náà, White Balance ò lè ṣẹ̀dá ẹ̀. Mo sọ mọ́kànlá di dúdú-òun-funfun, mo fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà.