Mọ́tò ilé ti di mọ́tò ọjà: bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mọ́tò Sìénà kan wà ládùúgbò wa ní Gáà Àkáńbí, nílùú Ìlọrin níbí, Alhaja kan ló ni ín. Ìgbà tó rà á, ọmọ ló fi ń gbé lọ sílé ẹ̀kọ́, ó sì fi ń lọ òde ìnáwó, ìnṣọ́ránsì tó ṣe lé e lórí sì jẹ́ kọmpirihẹ́ńsíìfù, ₦4,000,000 ni wọ́n kọ síwèé pé mọ́tò náà tó. Nígbà tó yá, ọjà òróró tó ń tà ní Ìpàtá bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò, ló bá ní kí wọ́n tú àga ẹ̀yìn kúrò, ló bá ń fi Sìénà yẹn kó kẹ́ẹ̀gì òróró lọ fáwọn oníbàárà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà, títí dé Òmù-Àrán. Kì í sì í ṣe òun ló ń wà á mọ́, Súlú ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ ẹ̀ ló gbà síṣẹ́ dírẹ́bà.

Ó wá bi mí pé, "Ṣebí mọ́tò kan náà ni, nọ́ńbà kan náà ni, mo sì sanwó mi pé, kí ló tún kan kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì nínú ohun tí mo ń fi kó?"

Mo ní, Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbé sàtífíkéètì yín wá.

Ẹ̀yin náà, ẹ dá fídíò yìí dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ lọ mú tiyín. Nísàlẹ̀ níbẹ̀ ẹ máa rí ibì kan tí wọ́n kọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wa mọ́tò sí, ẹ máa tún rí ibi tí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbà pé kẹ́ ẹ fi mọ́tò ṣe sí. Ọ̀pọ̀ wa ò kà á rí, ojú ọjọ́ tó máa parí la máa ń wò, ká lè rí nǹkan fi han fíò àti ọlọ́pàá. Ti mọ́tò àdáni, ohun tó sábà máa ń wà níbẹ̀ ni pé fún ìlò ilé, fún ìgbafẹ́, àti kí onímọ́tò fúnra ẹ̀ máa fi lọ sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀. Wọ́n á wá kọ ohun tí wọn ò gbà: kẹ́ ẹ má fi gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ èèyàn, kẹ́ ẹ má fi kó ọjà tẹ́ ẹ̀ ń tà, kẹ́ ẹ má fi sáré ìdíje. Kẹ́ẹ̀gì òróró Alhaja wà nínú ohun tí wọn ò gbà yẹn gangan.

Ti dírẹ́bà máa ń yàtọ̀ láti pọ́lísì kan, ìyẹn ìwé àdéhùn ìnṣọ́ránsì, sí òmíràn. Àwọn kan kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni tí onímọ́tò bá fún láyè, tó bá ṣáà ti ní láísẹ́ńsì. Àwọn mìíràn dárúkọ ẹni kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni tiyín, ẹ lè máa rò pé kò sídìí láti dárúkọ dírẹ́bà, àmọ́ lójú tèmi ẹ dárúkọ ẹ̀ náà, torí dírẹ́bà tẹ́ ẹ̀ ń sanwó oṣù fún tó ń wà á lójoojúmọ́ kì í ṣe bákan náà pẹ̀lú àbúrò tẹ́ ẹ fún ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ ọdún.

Kí n tó dé orí lẹ́tà, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú ẹ̀gbọ́n mi kan rí. Òun náà ń fi mọ́tò àdáni kó ọjà, típà kan gbá a lẹ́yìn Gánmọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló sì jẹ̀bi, ó lé kọjá sí ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Fọ́ọ̀mù kíléèmù, èyí tí wọ́n fi ń bèèrè owó ìjàǹbá lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì, tí wọ́n fún un ní ìbéèrè kan pé kí ni mọ́tò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Ó kọ ọ́ pé òun ń ti òde ìsọmọlórúkọ bọ̀. Ẹni tí kọ́ńpìnnì rán wá yẹ mọ́tò wò sì dé, ó ṣí búùtù, páálí ọṣẹ mọ́kàndínlógún ló bá níbẹ̀, ìyẹn tí kò tíì fọ́. Wọn ò san kọ́bọ̀. Mi ò ní dárúkọ kọ́ńpìnnì náà, inú ṣì ń bí mi sí wọn torí éjẹ́ǹtì wọn tó wá gbowó mọ̀ pé ọlọ́ṣẹ ni, ọṣẹ gan-an ló bá a lórí ẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan. Àmọ́ ìwé wà lọ́wọ́ wọn, irọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pa sínú fọ́ọ̀mù náà ló sì wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ pátápátá.

Ó yá, lẹ́tà. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lórí pọ́lísì ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ kó sì fọwọ́ sí i, kì í ṣe dírẹ́bà, kì í ṣe ọkọ, kódà tó bá jẹ́ ọkọ ló ra mọ́tò. Tó bá jẹ́ pé búrókà ló bá yín ṣe é, ẹ fún búrókà, àmọ́ ẹ fi ẹ̀dà kan ṣọwọ́ sí kọ́ńpìnnì fúnra wọn nípa ímeèlì, kí ọjọ́ tẹ́ ẹ sọ fún wọn lè hàn. Yorùbá ni mo fẹ́ kà á sí yín létí kó lè yé wa, tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ ẹ lè yí i sí Òyìnbó, kó ṣáà tẹ̀ lé ara wọn báyìí. Èyí tí Alhaja kọ rèé:

"Sí mánéjà, ẹ̀ka ìnṣọ́ránsì mọ́tò. Ó dá lórí pọ́lísì nọ́ńbà báyìí, Toyota Sienna, nọ́ńbà mọ́tò báyìí. Mo ń fi lẹ́tà yìí sọ fún yín pé ìlò mọ́tò mi ti yí padà. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án, mo fẹ́ máa fi kó òróró tí èmi fúnra mi ń tà, láti Ìpàtá lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, bí ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mi ò ní fi kó ẹrù ẹlòmíràn, mi ò ní fi gba èrò tó ń sanwó. A ti yọ àga ìlà kẹta kúrò. Lálẹ́, inú ọgbà ilé mi ni mọ́tò ń sùn. Mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ fi orúkọ dírẹ́bà mi kún un. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni, ó ti gba láísẹ́ńsì láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí wà nínú ẹ̀dà tí mo fi sí i. Ó fi mọ́tò gbá ògiri lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó kọjá, kò sẹ́ni tó fara pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi bóyá ẹ gbà, iye tó kù tí n máa san, àti ọjọ́ tí ààbò tuntun máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún mi ní ẹ́ńdọ́ọ̀sìmẹ́ǹtì, ìwé tó fi ìyípadà yìí kún pọ́lísì mi, àti sàtífíkéètì tuntun."

Ẹ wo bó ṣe ṣàlàyé ohun tó fẹ́ máa kó. Kò kàn kọ pé "ẹ yí i sí bísínẹ́ẹ̀sì" kó sì dákẹ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Tẹ́ ẹ bá pè é ní bísínẹ́ẹ̀sì lásán, ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lè rò pé ẹ kàn fẹ́ máa wà á lọ bá oníbàárà sọ̀rọ̀, èyí tí pọ́lísì àdáni yín lè ti gbà tẹ́lẹ̀, á kọ "a ti gba lẹ́tà yín" padà, ẹ̀yin á sì máa rò pé ó ti tán. Kíkó ọjà ara ẹni tún yàtọ̀ sí kíkó ẹrù oníẹrù fún owó tàbí gbígba èrò. Tó bá jẹ́ èrò lẹ fẹ́ máa gbà láti Ọ̀fà Gáráàjì, ìyẹn ti di mọ́tò tó ń pawó lójú títì, nọ́ńbà pupa ti wọ̀ ọ́, láísẹ́ńsì dírẹ́bà náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú èyí tó lè wa takisí, torí kíláàsì B tó jẹ́ ti mọ́tò àdáni kò gba ìyẹn láyè.

Ọ̀rọ̀ ògiri tí Súlú gbá yẹn, Alhaja ò fẹ́ fi sí i rárá. Ó ní, "Wàá jẹ́ kí wọ́n fowó lé e fún mi." Mo ní ó ṣeé ṣe kí wọ́n fowó lé e, àmọ́ tí wọ́n bá fúnra wọn gbọ́ ọ lọ́jọ́ kíléèmù, ọjọ́ yẹn ni wọ́n á sọ pé àwọn ì bá má gbà á ká ní àwọn mọ̀.

Ẹ̀dà láísẹ́ńsì dírẹ́bà, ẹ̀dà ìwé mọ́tò, ẹ̀dà sàtífíkéètì tó wà nílẹ̀, ẹ so wọ́n mọ́ ọn. Ẹ wo orúkọ dáadáa o. Sulaiman lórí láísẹ́ńsì, Suleiman nínú lẹ́tà, wọ́n á dá a padà.

Owó ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ti Alhaja ṣírò. Pọ́lísì ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ó san 5% lórí ₦4,000,000, ìyẹn ₦200,000 fún ọdún kan. Ká wá sọ pé kọ́ńpìnnì ní 7% làwọn ń gbà fún ìlò tuntun yìí, àpẹẹrẹ ni mo ń ṣe o, ti kọ́ńpìnnì yín lè yàtọ̀, á di ₦280,000. Ìyàtọ̀ jẹ́ ₦80,000 fún ọdún odindi, àmọ́ kò yẹ kó san gbogbo ẹ̀, torí láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án títí dé ìparí oṣù kejì, ọjọ́ 181 ló kù nínú 365. Ẹ sọ 80,000 di ìlọ́po 181, kẹ́ ẹ pín in sí 365, ₦39,671 ló máa já sí. Tí wọ́n bá pè yín fún ₦80,000 látòkè délẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ìṣirò wọn hàn yín. Ẹ̀yin tó jẹ́ táàdì páàtì lẹ ṣe, iye tí NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, gbé kalẹ̀ láti January 2023 ni ₦15,000 fún mọ́tò àdáni, ₦20,000 fún mọ́tò tó ń kó ọjà ara ẹni, torí náà ìyípadà yìí kan tiyín náà.

Fífi lẹ́tà ránṣẹ́ ò tíì fún yín ní ààbò kankan o. Kọ́ńpìnnì lè gbà, wọ́n lè kọ̀, wọ́n sì lè ní àwọn fẹ́ wá wo mọ́tò ná. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí kò tíì sanwó, kò tíì ní ìnṣọ́ránsì lórí ohun tó bèèrè. Nítorí náà ẹ kọ lẹ́tà yìí bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ tó di ẹrù àkọ́kọ́. Ti Alhaja ti pẹ́ ná, ó ti ń kó o tipẹ́, ohun tí mo sọ fún un ni pé kó so Sìénà náà mọ́lẹ̀, kó háyà mọ́tò fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, ó sì kùn sí mi lára dáadáa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pè é pé ìwé ti délẹ̀, a jọ lọ gbà á ni. Ẹ́ńdọ́ọ̀sìmẹ́ǹtì dára, orúkọ Súlú wà níbẹ̀, ọjọ́ pé, kíkó ọjà ara ẹni wà níbẹ̀. Mo wá yí sàtífíkéètì sí ibi ìlò mọ́tò: "kò gba kíkó ọjà." Ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kàn tún tẹ̀, wọ́n yí ọjọ́ nìkan. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ má ṣèyọnu mà, wọ́n ti mọ̀ nínú ọ́fíìsì." Alhaja fa àga kan, ó jókòó, ó ní òun ò kánjú. Ìṣẹ́jú ogún lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n tẹ òmíràn jáde.