Kóòdù wo ló tọ́ sí kọ́ńpìnnì onípákó? Bí a ṣe ń wá ẹ̀ka iṣẹ́ tí kọ́ńpìnnì wà

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tó ń wò wá. Gẹdú tó bá jáde láti igbó Olúwa tàbí igbó Ìdànrè, tí wọ́n gbé dé sọ́mìlì ní Àkúrẹ́, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni yóò kọjá kó tó di ilẹ̀kùn tàbí bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kan á gé e, ẹlòmíì á là á, ẹlòmíì á tà á, ẹlòmíì á sì kàn án. Nígbà mìíì, kọ́ńpìnnì kan ṣoṣo ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí. Ọjọ́ tí fọ́ọ̀mù bá wá dé, tó ní kí kọ́ńpìnnì náà kọ kóòdù ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀, ẹyọ kan péré, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ la fẹ́ mú lónìí, ká wá kóòdù rẹ̀ títí a ó fi rí i.

Kóòdù tí a ó lò ni èyí tí ẹ ó rí lórí ẹ̀rọ pẹ̀lú orúkọ `ISIC Rev.4`. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló ni ín. Ọdún 1948 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, àtúnṣe kẹrin yìí sì jáde ní 2008. Òun náà ni NBS, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, ń tẹ̀ lé tó bá ń ṣírò ohun tí ẹ̀ka iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń mú wọlé ní Nàìjíríà. Àtúnṣe karùn-ún ti wà, nítorí náà kí ẹ tó kọ nǹkan kan, ẹ wo èyí tí fọ́ọ̀mù yín ń béèrè. Kóòdù kan lè yí ipò padà láti àtúnṣe kan sí òmíràn.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó lójú fọ́nrán yìí:

```
C → 16 → 161 → 1610
```

Bí àdírẹ́sì ló ṣe rí: ìpínlẹ̀, ìlú, àdúgbò, ilé. Lẹ́tà ni abala, láti A dé U, mọ́kànlélógún ni wọ́n. C ni abala gbogbo iṣẹ́ ṣíṣe nǹkan jáde. Nọ́ńbà méjì àkọ́kọ́ ni ẹ̀ka: 16 ni ẹ̀ka ohun tí a fi igi ṣe, yàtọ̀ sí àga àti bẹ́ẹ̀dì. Tí nọ́ńbà kan bá kún un, ó di ọ̀wọ́. Tó bá pé mẹ́rin, ó di kíláàsì, 1610 sì ni iṣẹ́ lílà gẹdú àti fífá pákó. Fọ́ọ̀mù kan lè béèrè méjì péré, òmíràn lè béèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Iṣẹ́ tí kọ́ńpìnnì ń ṣe ni kóòdù ń tọ̀ lẹ́yìn. Kò wo orúkọ tó wà lára pátákó, kò wo ẹni tó ni ín, bóyá ìjọba ni tàbí aládàáni. Kò tilẹ̀ wo bóyá ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń la gẹdú tàbí ayùn ọwọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ ń ṣì lọ́nà. Ẹni tó fi "Ẹ́ńtápíráìsì" tàbí "Fẹ́ńṣọ̀s" sórúkọ kọ́ńpìnnì rẹ̀ á yára mú kóòdù òwò, bẹ́ẹ̀ sì ni pákó ló ń là láti àárọ̀ dé alẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú kọ́ńpìnnì wa. Àpẹẹrẹ la fi ṣe, àmọ́ irú rẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó. Ó ní sọ́mìlì tó ti ń la arère, ìrókò àti afárá tó bá rà lọ́wọ́ àwọn agégẹdú. Ó ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn káfíńtà ti ń kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú férémù rẹ̀, òmíràn sì ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, àga àti wọ́dúróòbù. Ó tún ń ra pákó tí àwọn sọ́mìlì mìíì ti là, á tà á ní ọ̀pọ̀ fún àwọn tó ń kọ́lé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn onílé máa ń pè é kó wá fi ilẹ̀kùn tí wọ́n rà níbòmíràn sí ilé wọn.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ká ya àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí sọ́tọ̀, ká wá kíláàsì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí ìkànnì unstats.un.org, kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní àlàyé tirẹ̀. Ìdajì kan sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìdajì kejì sọ ohun tí kò sí níbẹ̀ àti kóòdù tí ẹ ó ti rí i. Ìdajì kejì yìí ni kí ẹ kà jù. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá ẹ ti ṣìnà.

Lílà gẹdú, 1610. Àlàyé rẹ̀ yóò sọ fún yín pé gígé igi nínú igbó kò sí níbẹ̀, 0220 ni ìyẹn, ní abala A. Ilẹ̀kùn àti férémù jẹ́ 1622, pẹ̀lú fèrèsé, àtẹ̀gùn àti igi òrùlé. Ẹ̀yin tó bá rò pé wọ́dúróòbù náà á bọ́ síbẹ̀ nítorí pé káfíńtà kan náà ló kàn án, ẹ ka ohun tó wà nísàlẹ̀ 1622: wọ́dúróòbù, kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná àti pẹpẹ ìwé wà ní 3100, pẹ̀lú àga àti bẹ́ẹ̀dì. Pósí wá ńkọ́? Igi ni, káfíńtà ló ń ṣe é, síbẹ̀ kò sí ní ẹ̀ka 16, kò sí ní ẹ̀ka 31 tí àga àti bẹ́ẹ̀dì wà. Abẹ́ 3290 ló wà, níbi tí wọ́n kó àwọn ohun tí kò rí ibòmíràn gbà sí. Èyí ló jẹ́ kí n máa sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fi àbá kọ kóòdù.

Pákó tó rà tó sì tún tà ní ọ̀pọ̀ jẹ́ 4663, ní abala G, abala òwò. Fífi ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn sí ilé jẹ́ 4330, ní abala F, abala iṣẹ́ ilé kíkọ́.

Ẹ ṣọ́ra níbì kan. Pákó tí kọ́ńpìnnì fúnra rẹ̀ là, tó sì tà, kì í ṣe òwò. Òwò ni kí a ra nǹkan, ká tún un tà bó ṣe wà. Bákan náà, lọ́rì tó fi ń kó pákó ara rẹ̀, mẹgádì tó ń ṣọ́ ọgbà àti akọ̀wé tó ń ṣírò owó kò ní kóòdù tiwọn, nítorí pé iṣẹ́ ilé ni wọ́n ń ṣe. Ọjọ́ tí lọ́rì yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ẹlẹ́rù fún owó ni 4923 ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọ̀ ọ́.

Ní báyìí, kíláàsì márùn-ún la ní, ẹyọ kan la sì ń wá. Èyí tó gbapò iwájú ni a ń pè ní iṣẹ́ gbòógì, òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ̀ ọ́n sì ni iye tí iṣẹ́ náà fi kún ọjà. Kì í ṣe iye owó tó wọlé. Ká ní ó ra pákó ₦9,000,000, ó san ₦400,000 fún onílọ́rì, ó sì tà á ní ₦10,000,000. Mílíọ̀nù mẹ́wàá ló wọlé, àmọ́ ₦600,000 péré ni òwò yẹn fi kún un. Ní sọ́mìlì, ó ra gẹdú ₦1,400,000, dísù àti abẹ ayùn gba ₦500,000, ó ta pákó rẹ̀ ní ₦3,000,000. ₦1,100,000 ni iṣẹ́ lílà fi kún un. Ẹni tó bá wo owó tó wọlé á ní òwò ló tóbi jù, irọ́ sì ni. Ẹ kíyè sí i pé a ò yọ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ kúrò. Iye tí iṣẹ́ fi kún ọjà ni a ti ń san owó oṣù, èrè náà sì ń jáde nínú rẹ̀.

Tí ìwé kọ́ńpìnnì kò bá pé tó láti rí èyí, iye wákàtí tàbí iye òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣeé lò dípò rẹ̀. Fún apá òwò, ẹ lo ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye tí ẹ rà á àti iye tí ẹ tà á.

Ká ní lọ́dún kan, gbogbo iye tí kọ́ńpìnnì wa fi kún ọjà jẹ́ ₦100,000,000, tó sì pín báyìí, ní mílíọ̀nù:

```
4663   38
3100   25
1610   17
1622   14
4330    6
```

Ó ṣeé ṣe kí ojú yín ti lọ sí 4663, nítorí òun ló ga jù. Kì í ṣe òun. Láti òkè la ti ń wá a bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá abala tó tóbi jù. C ní 25, 17 àti 14, àpapọ̀ 56. G ní 38, F ní 6. C ló borí, a ó sì pa G àti F tì pátápátá. Nínú C, ẹ wá ẹ̀ka tó tóbi jù: 16 ní 17 àti 14, àpapọ̀ 31, nígbà tí ẹ̀ka 31, ẹ̀ka àga àti bẹ́ẹ̀dì, ní 25. Ẹ̀ka 16 ló borí, 3100 sì bọ́ sílẹ̀. Nínú 16, ọ̀wọ́ 161 ní 17, ọ̀wọ́ 162 ní 14. Ọ̀wọ́ 161 la mú, 1610 sì ni kíláàsì kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀.

Kóòdù kọ́ńpìnnì wa ni 1610. Iṣẹ́ tó wà ní ipò kẹta nínú ìṣirò ló wá di iṣẹ́ gbòógì. Ìdí rẹ̀ ni pé ohun tí kọ́ńpìnnì yìí ń fi ọ̀pọ̀ agbára rẹ̀ ṣe ni ṣíṣe nǹkan jáde, nínú ìyẹn, iṣẹ́ igi. Tí a bá fi sí òwò nítorí 38, a ti pa 56 rẹ́ nìyẹn. Tí fọ́ọ̀mù bá fún yín láàyè láti kọ àwọn iṣẹ́ yòókù, ẹ kọ 4663 àti 3100 síbẹ̀, ẹ má fi wọ́n pamọ́.

Àwọn kan yóò béèrè pé: àwa tí a máa ń la gẹdú oníbàárà fún owó iṣẹ́ ńkọ́, tí gẹdú kì í ṣe tiwa? 1610 ni yín síbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, ti ẹnikẹ́ni ni gẹdú lè jẹ́. Oníbàárà yẹn ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ìrònú. Tó bá jẹ́ pé òun ló ni gẹdú, tó kàn gbé lílà rẹ̀ fún yín, oníṣẹ́ ṣíṣe jáde lòun náà. Àmọ́ ẹni tó kàn ní kí wọ́n bá òun ṣe bẹ́ẹ̀dì, tí kò pèsè igi kankan, tó sì ń tà á, oníṣòwò ni.

Bí ọdún kan bá wá dé tí iye tí àga àti bẹ́ẹ̀dì fi kún ọjà ju ti ẹ̀ka 16 lọ, ẹ má sáré yí kóòdù padà. Ìlànà náà fẹ́ kí iṣẹ́ tuntun borí fún bí ọdún méjì kí ó tó di gbòógì, kí kọ́ńpìnnì má baà máa fò láti ẹ̀ka sí ẹ̀ka nítorí ọjà tó yá lẹ́ẹ̀kan.

Tí oníbàárà ilẹ̀ òkèèrè bá béèrè kóòdù lọ́wọ́ yín, tirẹ̀ lè yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà márùn-ún ni wọ́n ń lò, sọ́mìlì sì jẹ́ 16100 nínú `SIC 2007`. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà mẹ́fà ni ti `NAICS`, sọ́mìlì jẹ́ 321113. Ẹ kọ orúkọ ètò náà síwájú nọ́ńbà nígbà gbogbo, kí ẹ sì fi ìwé tí ẹ fi ṣe ìṣirò pamọ́ sínú fáìlì kọ́ńpìnnì, pẹ̀lú ọdún tí ẹ ṣe é, kí akọ̀wé tó bá gbapò lè rí ibi tí 1610 ti wá.